Èsì: Bátìrì tọ́ọ̀ṣì 9900mAh

«Mo ra bátìrì 18650 ní Kútọ̀, 9900mAh ló wà lára rẹ̀, kò lò ju wákàtí méjì lọ. Ṣé féèkì ni?»

Féèkì ni o. Ojúlówó 18650 kì í sábà kọjá 3500mAh. Èyí tó dé ìdajì 9900 ò sí lọ́jà.

mAh ni iye iná tó lè gbà pamọ́. Bí tọ́ọ̀ṣì yín bá ń fa 500mA, 2000mAh á gbé e fún bíi wákàtí mẹ́rin. Wákàtí méjì tiyín, bíi 1000 péré nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó ra òmíràn, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n àwọn oníwúrà. Ojúlówó máa ń tó gíráàmù 45. Èyí tí ò bá tó 30, bátìrì kékeré ni wọ́n kì sínú agolo ńlá. Àmọ́ tó bá wúwo, ẹ má tíì sanwó: àwọn kan ń fi iyanrìn dí i.