Aago mẹ́wàá alẹ́ tó tàn mí jẹ

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọ̀fà ń ṣí láago 8 àárọ̀, a sì ń tì í láago 6 ìrọ̀lẹ́. Àtẹ wákàtí inú Google Ads ń sọ pé alẹ́ làwọn oníbàárà ń wọlé jù. Ṣé kí n fowó kún ti alẹ́ ni?"

Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ kan kún un, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ti ṣe é rí.

Rewáyà ni mí, Táíwò Ìsàlẹ̀ ní Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àwa náà ń ṣí ní 8, a ń tì ní 6. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èèyàn 180 tẹ ìpolówó mi láàárín aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí 12 òru, 27 nínú wọn sì tẹ bọ́tìnnì WhatsApp wa. Ìyẹn 15%. Ní wákàtí iṣẹ́, 270 ló tẹ ìpolówó, 30 ló dé WhatsApp, kò ju 11% lọ. Ni mo bá fi 40% kún owó ti alẹ́. Owó ń lọ, ọkọ̀ ò wọlé.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi ni mo padà sínú WhatsApp, mo mú ìwé, mo kọ aago tí oníkálukú kọ́kọ́ ránṣẹ́ sílẹ̀, mo sì fi àmì sí ẹni tó gbé ọkọ̀ wá lóòótọ́. Nínú àwọn ará alẹ́ 27, ẹni 4 péré ló wá. Mo rí ọ̀kan tó kọ ọ́ ní 10:14 alẹ́ pé, "Ẹ káalẹ́ o, èló ni bátìrì Corolla?" Aago 8:20 àárọ̀ ni mo dá a lóhùn. Ó ní àwọn kan ti bá òun ṣe é ní Ọ̀fà Gáréèjì, ní Ìlọrin níbí. Bọ́tìnnì tó tẹ̀ ni Google ń kà, kì í ṣe bátìrì tí mo tà.

Ohun tí n kò retí ni aago 5 sí 8 àárọ̀, kí a tó ṣílẹ̀kùn rárá. Èèyàn 90 ló tẹ̀ ẹ́, 9 sì gbé ọkọ̀ wá: 10%. Ẹni tó kírun àsùbáà tán, tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀ tí ọkọ̀ ò dáhùn, kò lè dúró dọ̀la. Tí a bá fi ń ṣílẹ̀kùn, ó ti wà níwájú ilé. Ti wákàtí iṣẹ́ jẹ́ 19 nínú 270, ìyẹn 7%. Láti 12 òru sí 5, nínú 60, kò sí ẹnì kankan. Àpapọ̀ wá jẹ́ oníbàárà 32 nínú 600, 5.3%.

Bí mo ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyí: mo fi ìdá ti àpapọ̀ pín ìdá ti wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ti alẹ́, 4 nínú 180, jẹ́ 2.2%; tí a bá fi 5.3% pín in, ó ní kí n gé nǹkan bí 58% kúrò. Ṣùgbọ́n oníbàárà 4 kéré jù láti gbára lé, ẹni méjì péré lè yí i padà, nítorí náà 40% ni mo gé. Ti ìdájí ní kí n fi nǹkan bí 89% kún un, 30% ni mo fi. Ẹni tí mò ń san ₦100 lé lórí wá di ₦130 ní ìdájí, ₦60 ní alẹ́. Mo yọ 12 sí 5 kúrò nínú `Ad schedule` pátápátá. Ìdí nìyí tí mo fi kó wákàtí jọ sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́ méje ní wákàtí 168, oníbàárà 32 ò lè kárí wọn.

N kò pa ti alẹ́ tán, torí Google máa ń kọ oníbàárà sí wákàtí tó tẹ ìpolówó, kì í ṣe wákàtí tó pè. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní 10 alẹ́, tó wá tẹ WhatsApp ní 9 àárọ̀, abẹ́ 10 alẹ́ ni ẹ ó ti rí i. Òpó `Conversions (by conv. time)` ló ń fi ìgbà tí ẹni náà tẹ WhatsApp kà á. Nọ́ńbà ìpè inú ìpolówó nìkan ni mo fi mọ sí 8 sí 6, kí fóònù má máa dún nínú ṣọ́ọ̀bù tí a ti tì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ètò owó tí ẹ ń lò kẹ́ ẹ tó ṣe èyí. `Manual CPC` ni tèmi, èmi fúnra mi ni mo ń yan iye tí mò ń san lórí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ `Maximize conversions` ni tiyín, Google ló ń yan iye náà, kò ní wo ìdá tí ẹ kọ síbẹ̀ rárá, wákàtí tí ẹ pa nìkan ni yóò gbà. Ohun tí Google ń kà sí oníbàárà lẹ máa yí padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa lé bọ́tìnnì alẹ́ kiri fún yín.

Oṣù Ramadan ò sí nínú àtẹ yìí. Àwọn èèyàn ti jí nítorí sààrì, torí náà aago 4 ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.