Àárín Ibo ni Pákẹ́ẹ̀tì ti ń Sọnù?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì tí a ń gbà láti orí sáfà máa ń dúró lójú ọ̀nà, nígbà míì ó máa ń já. Mo fi Wireshark gba ohun tó ń kọjá lórí kọ̀ǹpútà mi, ìlà dúdú àti pupa ló kún un. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọ́fíìsì wa ni ìṣòro wà, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà wá ní íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ẹ má wulẹ̀ ka iye ìlà dúdú. Ẹyọ pákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ègé dátà kan, tí sáfà tún fi ránṣẹ́ ni kí ẹ mú, kí ẹ wádìí bóyá èyí àkọ́kọ́ ti dé kí ó tó tún un fi ránṣẹ́. Ẹ tẹ èyí sínú àpótí asẹ́ tó wà lókè:

```
tcp.analysis.retransmission || tcp.flags.reset == 1
```

Ká ní ìlà tí ẹ mú wà ní `tcp.stream` 7, ìyẹn nọ́ńbà ìpè náà, tí seq rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ipò dátà rẹ̀ hàn, sì jẹ́ 14601. Ẹ wá a báyìí:

```
tcp.stream eq 7 && tcp.seq == 14601 && tcp.len > 0
```

Bí ìlà kan péré bá jáde, tí `TCP Previous segment not captured` sì ti hàn ṣáájú rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ti sọnù láàárín sáfà àti ẹ̀yin. Bí méjì bá jáde, dátà ti dé; ACK tí ẹ fi dáhùn ló sọnù tàbí tó pẹ́, ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ yín lọ sọ́dọ̀ sáfà ni kí ẹ yẹ̀ wò. Àmọ́ bí ẹ bá rí `TCP ACKed unseen segment`, kọ̀ǹpútà yín gba dátà náà, Wireshark ni kò rí i gbà sílẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà.

Ẹ̀rí láti orí kọ̀ǹpútà nìkan kò lè pín ọ́fíìsì yín níyà kúrò lára ìta. Ẹ gba òmíràn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí ráútà ti kọjú síta, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó pe sáfà. Ráútà máa ń pààrọ̀ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà `tcp.seq_raw` ni kí ẹ fi dá pákẹ́ẹ̀tì mọ̀. Bí èyí tó sọnù bá hàn níbẹ̀ tí kò hàn lórí kọ̀ǹpútà, inú ilé ni: wáyà, suwíìṣì, Wáífáì tàbí ráútà fúnra rẹ̀. Bí kò bá hàn níbẹ̀ náà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín rárá.

Ìlà pupa, ìyẹn RST, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ẹ̀rọ kan ló fi í ránṣẹ́ láti gé ìpè náà. Ẹ wo `ip.ttl`. Gbogbo ráútà tí pákẹ́ẹ̀tì bá gbà kọjá ló ń yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Bí dátà sáfà bá ń wọlé pẹ̀lú 52, tí RST tó ń jẹ́ orúkọ sáfà kan náà wá ní 64, kì í ṣe sáfà ló fi ránṣẹ́; ìtòsí yín ló ti wá, ó sì sábà máa ń jẹ́ fáyawọ́ọ̀lù ọ́fíìsì. Bí méjèèjì bá jẹ́ 52, ẹ má tíì dá sáfà lẹ́bi, torí fáyawọ́ọ̀lù míì máa ń da TTL sáfà kọ. Ẹ ní kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí sáfà náà: bí RST yẹn kò bá jáde níbẹ̀, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe é.