Mẹ́ráǹgì tí kò ní sunmi lórí páì

"Ẹ jọ̀ọ́, omi máa ń sun sábẹ́ mẹ́ráǹgì, ìyẹn funfun ẹyin àti ṣúgà tí wọ́n lù títí ó fi hó fùkẹ̀, tí mo fi ń bo páì lẹ́mọ́ọ̀nù. Èwo ni kí n lò nínú ti Faransé, ti Súwísì àti ti Ítálì? Ṣé ọ̀kan náà ni mo lè fi ṣe bọ́tà kíríìmù àti èyí tí wọ́n ń yan gbẹ?"

Ti Ítálì ni kí ẹ fi bo páì, torí omi ṣúgà gbígbóná ti ń sè é kó tó dé ààrò. Tútù ni wọ́n máa ń lu funfun ẹyin àti ṣúgà ti Faransé pọ̀, iná ààrò nìkan ló sì ń sè é. Òkè rẹ̀ á ti pọ́n nígbà tí ìsàlẹ̀ tó kan lẹ́mọ́ọ̀nù kò tíì jinná, ibẹ̀ ló ti ń tú padà di omi. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òkè ló ń yọ ẹ̀kán omi aláwọ̀ oyin, ó pẹ́ jù nínú ààrò ni.

Láti ṣe ti Ítálì, fún funfun ẹyin 4, nǹkan bíi gíráàmù 120, ẹ wọn ṣúgà gíráàmù 240 àti omi mílílítà 80. Ẹ gbé ṣúgà àti omi kaná. Tí ṣúgà bá ti yọ́, ẹ má rò ó mọ́, kó má baà dì padà. Tí tẹmómítà bá fi 110°C hàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lu funfun ẹyin. Tó bá di 118°C, ẹ sọ omi ṣúgà kalẹ̀, kí ẹ máa dà á tín-ín-rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ inú abọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń lù. Ẹ má jẹ́ kó kan irin ẹ̀rọ, nítorí á ta sára abọ́, á sì gan síbẹ̀. Ẹ lù ú títí ara abọ́ á fi tutù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí páì kó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ yíká, kó má baà súnkì, kí ẹ wá gbé e sí ààrò 220°C fún ìṣẹ́jú 3 sí 4, kó ṣáà pọ́n.

Ti Súwísì ni mo fẹ́ràn jù fún bọ́tà kíríìmù, torí kò sí omi ṣúgà gbígbóná tó lè jóni. Ìwọ̀n ẹyin àti ṣúgà kan náà ni, ẹ gbé abọ́ sórí omi tó ń hó wẹ́rẹ́, kí ẹ máa rò ó títí á fi dé 71°C. Ẹ fi ìka méjì ra á: tí hóró bá ṣì wà, kò tíì tó. Ẹ lù ú títí á fi tutù pátápátá, kí ẹ tó máa fi bọ́tà rírọ̀ gíráàmù 340 sí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá ṣàn bí ọbẹ̀, ooru ló fà á. Ẹ gbé e sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un lù. Tó bá já sí hóró hóró, bọ́tà ló tutù jù, ẹ ṣáà máa lù ú lọ.

Ti Faransé ló dára jù fún yíyan gbẹ, torí ó máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń rún wómúwómú. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n ẹyin náà ni ṣúgà, ṣúgà kíkúnná ni, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Ààrò 95°C, wákàtí kan àbọ̀, kí ẹ wá pa iná, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ààrò á fi tutù. Lásìkò òjò, ẹ kó o sínú agolo tó dé pinpin kíákíá, torí ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.