«Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá»: Ọ̀rọ̀ lórí opó tó ń rí ọkọ rẹ̀ lójú oorun

Ìbéèrè: «Ẹ jọ̀wọ́, ó pé oṣù 8 tí ọkọ mi ti kú, mo sì ń rí i lójú àlá léraléra. Nígbà mìíràn á máa rẹ́rìn-ín, nígbà mìíràn á máa bínú sí mi. Níbi ìsìnkú, àwọn àgbà ilé ń sọ pé ‹ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá›. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá ìtùnú ni àwọn àlá yìí, tàbí ọ̀fọ̀ ni kò tíì tán lára mi?»

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, màmá. Odindi ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé «ó di gbéré, ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá». Gbéré ni ìdágbére tí kò ní ọjọ́ ìpadàbọ̀. Àrìnnàkò ni ìpàdé tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni ṣètò rẹ̀, bí ìgbà tí ẹni méjì tó ń bá ọ̀nà tiwọn lọ bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ojú àlá ló kẹ́yìn, òun nìkan sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà dárúkọ pé alààyè àti òkú ṣì lè fojú kan ara wọn. Nítorí náà, àwọn àgbà tó dá gbére fún ọkọ yín ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ óò máa rí i. Ohun tí wọ́n sì pààlà sí ni ilé, oúnjẹ àti ibùsùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó sábà máa ń tẹ̀ lé e: «Má jọ̀kùn, má jekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ.» Wọ́n ti ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwo ilé. Mo rò pé ibí gan-an ni ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nípa bíbá òkú jẹun lójú àlá ti jáde wá.

Àṣà wa kan náà ló ní kí àwọn obìnrin ilé máa sùn ti opó ní àwọn ọjọ́ tó ń ṣe opó. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, àwọn kan á ní kí òkú má baà wá bá a ni. Ohun yòówù kí ìdí náà jẹ́, èrè rẹ̀ hàn: bí opó bá ta jí lóru pẹ̀lú àyà tó ń já, ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò béèrè pé, «Kí lo rí?» Opó òde òní tó ń dá sùn nínú yàrá ní ìlú ńlá ti pàdánù ìyẹn, mi ò sì mọ ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀.

Pé àlá náà ń wá léraléra kò fi hàn pé ọkọ yín kò sinmi. Oorun tó máa ń gbé àlá tó mọ́lẹ̀ kedere wá, èyí tí ẹyinjú máa ń yí kiri nínú rẹ̀ lábẹ́ ìpéǹpéjú, máa ń pọ̀ sí i bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀. Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀fọ̀ sì máa ń jí ènìyàn. Ẹni tó bá jí láàárín àlá ni ó ń rántí rẹ̀, nígbà tí ẹni tó sùn já a ti gbàgbé. Ẹ má sì rò pé orí yín ló fẹ́ dàrú. Ní ọdún 1971, Dókítà Dewi Rees ní ilẹ̀ Wélísì tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ènìyàn 293 tí ọkọ tàbí aya wọn ti kú, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn ló ti mọ̀ ọ́n lára pé olóògbé náà wà nítòsí, tàbí tó ti rí i tàbí gbọ́ ohùn rẹ̀, kódà lójú ayé, láì sùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Bí a ṣe lè mọ ìtùnú yàtọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ọ̀pọ̀ ń wo ojú òkú nínú àlá: bó bá rẹ́rìn-ín, ó dára, bó bá fajú ro, ó di ètùtù tàbí àwẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń jí, ohun tí àlá náà ń sọ ọjọ́ yín dà, àti bóyá àlá náà ń yí padà bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Àlá ìtùnú lè mú kí ẹ jí pẹ̀lú omijé, ṣùgbọ́n ẹ óò lè dìde, ẹ óò lè jẹun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣeé sọ fún ọmọ yín. Àlá tí ọ̀fọ̀ so mọ́ máa ń dúró sójú kan bí onílù tó máa ń lu ìlù kan náà, á sì máa gba ọjọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Kódà ẹ̀rín lè jẹ́ ìdè. Bí opó bá ń wá oorun ọ̀sán kiri nítorí kó lè tún rí ọkọ rẹ̀, tó sì pa iṣẹ́ tì, àlá dídùn náà ti ń ṣe é ní jàǹbá.

Mo mọ obìnrin kan ní Abẹ́òkúta tó ń ta ẹlùbọ́. Ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Òun sáré lọ sílé láti lọ gbé ẹ̀kọ àti owó oògùn wá, kó tó dé, ọkùnrin náà ti dákẹ́. Oríṣi àlá méjì ló ń lá. Nínú èkínní, ọkọ rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń pọ́n àdá, kò sọ nǹkan kan. Ó máa ń sunkún bó bá jí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń lọ sọ́jà. Nínú èkejì, ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn géètì, ó ń béèrè pé, «Ṣé o ti dé?» Òun á wá kọ́kọ́rọ́ títí, kò ní rí i, á sì ta jí pẹ̀lú òógùn lára. Èkejì yìí kò yí padà fún oṣù 7. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ obì lálẹ́ kó má baà sùn, ó ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì gba ọ̀nà ilé ìwòsàn náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló yá jù sí ọjà. Wọ́n ṣe ìṣọ́ òru fún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ná owó sí i, síbẹ̀ géètì náà kò ṣí. Èmi ò bá àdúrà jà. Ohun tí mo rí ni pé ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló béèrè. Ó ní kí ìyá òun sọ ọ́ láti àárọ̀: ẹni tó gbé e ní ọ̀kadà, ibi tó ti ra ẹ̀kọ, ẹni tó kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, bí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣe rí nígbà tó dì í mú. Kò lè sọ ọ́ tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n padà sí i ní ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ó sọ sókè, bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, ohun tí ì bá ti sọ ká ní ó bá a láàyè. Irú ohun yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀fọ̀ ń ṣe nínú ìpàdé bíi 16, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ìtàn ikú náà ni sísọ, ọ̀rọ̀ ni bíbá olóògbé sọ, wọn á sì máa mú ènìyàn padà díẹ̀díẹ̀ síbi tó ń sá fún. Fún àlá náà fúnra rẹ̀, ó tún ṣe ohun kan tí wọ́n máa ń kọ́ àwọn tí àlá burúkú ń dà láàmú. Ní ọ̀sán, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó yan òpin mìíràn fún un: kọ́kọ́rọ́ wà ní etí aṣọ òun, òun ṣílẹ̀kùn, òun gbé ẹ̀kọ lé e lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó ń ro ó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́. Àlá géètì náà kò tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó dín kù, obìnrin náà sì ń gba ọ̀nà ilé ìwòsàn báyìí.

Nípa ìbínú tí ẹ ń rí, ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ yín ń bínú sí, kí ẹ sì bi ara yín pé ohùn ta ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀sùn tí ẹ ti ń fi kan ara yín lọ́sàn-án ló ń kà, bóyá lórí ìtọ́jú rẹ̀, lórí ọkọ̀ tí ẹ tà, tàbí lórí ìjà tí ẹ jà kẹ́yìn, a jẹ́ pé ọkàn yín ló ya ojú rẹ̀ lò. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ èyí, nítorí hádíìsì pín àlá sí mẹ́ta: ìròyìn ayọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbanújẹ́ láti ọ̀dọ̀ èṣù, àti ohun tí ènìyàn ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ kan tí opó kì í fẹ́ sọ jáde ni pé ọkọ òun bá òun sùn lójú àlá. Ara tó ti mọ ara fún ọdún pípẹ́ kì í gbàgbé lóṣù mélòó kan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré sọ pé ọkọ òru ni. Bákan náà, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń fa àlá líle. Bí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí oògùn yín padà, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Ní ti oṣù 8 tí ẹ kà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kì í pe ọ̀fọ̀ ní àìsàn àfi bó bá ti lé ní oṣù 6, tí ìyánhànhàn náà gbilẹ̀, tó dí iṣẹ́ àti àjọṣe lọ́wọ́, tó sì kọjá ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn ẹni náà ń retí. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń dúró di oṣù 12 fún àgbàlagbà. Ẹ kíyè sí i pé oṣù nìkan kò dá ẹjọ́ náà: opó tó ń lá àlá ní ọdún kẹwàá, tó sì ń ṣòwò, tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọmọ-ọmọ, kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe yín, lójú oorun tàbí lójú ayé, bíi pé kí ẹ tẹ̀ lé e, ẹ má ka oṣù rárá. Ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà, kí ẹni náà sì sin yín lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ, kí ẹ má sì dá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ku ohun kan tí àwọn opó máa ń béèrè lẹ́yìn, tí ẹ kò tíì béèrè. Àlá ìtùnú náà yóò máa jìn síra wọn, ọjọ́ kan á sì wà tí ẹ óò rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Àwọn kan máa ń rò nígbà náà pé ó ti bínú lọ, tàbí pé àwọn ti gbàgbé rẹ̀. Àrìnnàkò ni wọ́n dá fún yín níbi ìsìnkú. Wọn kò dá ọjọ́.