Ẹkùn mẹ́ran fún ọmọ 42

"Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ 42 ló wà ní kíláàsì mi, pírámárì kẹta. Wọ́n ní kí n fi eré ìbílẹ̀ kọ́ wọn ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti bí ara ṣe ń yá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Eré wo ni kí n kọ́kọ́ mú, báwo ni mo sì ṣe máa fún wọn ní máàkì?"

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Súwè ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí tẹ́n-tẹ́n tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù ṣe ẹkùn mẹ́ran. Mẹ́ta péré. Alábẹ̀wò tó bá dé á ní ó kéré, á ní bojúbojú ńkọ́, òkòtó ńkọ́, àrìn ńkọ́. Ẹ jẹ́ kó máa béèrè. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dé orí pápá, inú ọ́fíìsì ọ̀gá ni wọ́n ti ń fi bírò pupa fa ìlà sí ìwé nóòtì onínǹkan. Tí ẹ bá kó eré mẹ́wàá sínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òfin eré lẹ máa máa ṣàlàyé ṣáá, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ò ní í kọ́ nǹkan kan.

Súwè ò le, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ yà á sí ojú méje, ọmọ 6 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ilé kan má fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ọmọ méjì ní ìtò lọ. Tó bá fẹ̀ jù, wọ́n á máa fò jìnnà dípò kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ kan dúró dáadáa. Òfin tiwa láyé ijọ́un ni pé ẹni tí kò bá tíì kùnà ló ń bá a lọ, ẹ yọ ìyẹn kúrò, torí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni yóò pẹ́ jù lórí ìdúró. Kí kálukú lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó fi àyè sílẹ̀. Kí ẹ máa fetí sí ìró ẹsẹ̀ wọn: èyí tó bá ń dún gbì, orúnkún rẹ̀ ni kò tẹ̀ nígbà tó balẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ òsì nìkan.

Tẹ́n-tẹ́n, méjì-méjì, ó di ọ̀nà 21, kò sẹ́ni tó ń wòran. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti tó. Àwọn ọmọkùnrin á ní eré obìnrin ni, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ kàn jẹ́ kí ọkùnrin kojú ọkùnrin lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹkùn mẹ́ran ni ibi tí gbogbo nǹkan ti ń dà rú, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré kọjá. Wọ́n á ní kí gbogbo kíláàsì di agbo kan, kí ẹran wà láàárín, kí ẹkùn wà níta, kí orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Agbo ọmọ 40 máa gba nǹkan bíi mítà 12 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọmọ méjì ló ń sáré, àwọn 40 dúró. Àwọn tó wà lódìkejì ẹkùn ò rí nǹkan kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn láṣọ, kí ẹ tó mọ̀, agbo ti já.

Agbo mẹ́ta ni kí ẹ ṣe. Ọmọ 12 di ọwọ́ mú, ẹkùn kan, ẹran kan, ó di 14, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni 42 yín. Agbo bẹ́ẹ̀ kò fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ. Ẹ fi mítà mẹ́rin mìíràn sílẹ̀ láàárín agbo kan sí èkejì, torí ìta ni ẹkùn ti ń sáré, ẹkùn méjì sì lè forí gbárí. Ìdajì ìṣẹ́jú ni eré kan. Bóyá ẹkùn mú ẹran o, bóyá kò mú un o, ẹ fun fèrè kí méjì mìíràn wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ, pẹ̀lú àkókò tí wọ́n fi ń pààrọ̀, gbogbo wọn ti kúrò nínú agbo lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un ṣe kí ẹni tó ṣe ẹran di ẹkùn.

Ọwọ́ wọn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìka há ìka. Ẹkùn tó bá fi àyà ya ọwọ́ méjì tó há mọ́ra lè yẹ ìka, ó lè fa èjìká, òbí á sì dé ilé ìwé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kí wọ́n tẹ ìka bí ìkọ́, kí wọ́n fi kọ́ ara wọn, tó bá le, kí ó já fúnra rẹ̀. Òfin kejì: ẹkùn kò gbọdọ̀ fi ara kọ lu ọwọ́, àlàfo ló gbọdọ̀ gbà. Nítorí náà, agbo ò ní fi agbára dá a dúró, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi dá a dúró, wọ́n á tẹ orúnkún, wọ́n á máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pọ̀ láti dí àlàfo. Ibẹ̀ ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ wà, kì í ṣe nínú dídi ọwọ́ mú.

Ẹ máa ṣọ́ orin. Nígbà tí ohùn "mẹ́ẹ̀" bá ń lọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ti sùn, ibẹ̀ ni ẹkùn máa gbà. Tí agbo bá sì di gígùn bí ẹyin, gbogbo wọn ló ń sáré tẹ̀ lé ẹkùn. Ẹ dá a dúró, kí wọ́n tún ara wọn tò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹkùn ń rìn, kò sáré. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ń sáré. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹran lè jáde kó tún wọlé, agbo á ṣí fún un, á pa dé mọ́ ẹkùn, èyí le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ fún agbo kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n jọ pinnu ẹni tí yóò máa pè fún àwọn yòókù, kí ẹ má dá sí i.

Ẹ rìn yí pápá ká kí wọ́n tó jáde, ẹ ṣa àfọ́kù ìgò. Sálúbàtà rọ́bà ń yọ̀ lórí koríko tútù, bàtà kánfáàsì dára, ẹsẹ̀ lásán náà dára lórí iyanrìn. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, kí ó mu omi kí ó tó ṣeré, kó sì sinmi nígbà tó bá fẹ́, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá fẹ́. Ọmọ tí ikọ́ sémìí-sémìí ń yọ lẹ́nu, ẹ béèrè ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti béèrè nípa máàkì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹ má wo gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Ọmọ 6 lójúmọ́, ẹ yàn wọ́n ṣáájú, ẹ má sọ fún wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ mẹ́jọ ló kù: méje á parí ọmọ 42, ọ̀kan yòókù fún àwọn tí kò wá. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò: ṣé ó lè dúró lójijì láì ṣubú, ṣé ó ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láì fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀, ṣé ó dí àlàfo tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò ṣe rárá, ódo. Ó ń ṣe é nígbà mìíràn, oókan. Ó ń ṣe é déédéé, eéjì. Ẹ má fi mímú ẹran fún ẹnikẹ́ni ní máàkì, ẹni tó yára jù á kàn kó gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ òjò, ẹ sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n ta tẹ́n-tẹ́n nínú kíláàsì. Ẹkùn mẹ́ran lórí símẹ́ǹtì tútù, rárá o.