Ẹ jẹ́ kí Bàbá rọ́nà padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Bàbá tó múlé tì mí kọ́ fẹ́ǹsì wọ ilẹ̀ mi ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo ti fi ìwé sọfíò hàn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti búra lójú gbogbo àdúgbò pé àwọn ò ní wó o. Mi ò fẹ́ dé kóòtù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìbúra yẹn ló so Bàbá mọ́lẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá wó fẹ́ǹsì lónìí, àdúgbò á ní ọmọdé ti borí àgbà. Ẹ wá ìdí tuntun fún wọn, ìdí tó jẹ́ òtítọ́, tí kò sì ti ọ̀dọ̀ yín wá.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé sọfíò yín pamọ́ ná, torí ẹ̀yin nìkan lẹ sanwó rẹ̀. Ẹ wá ẹnì kan nínú régbérégbé wọn. Nǹkan bí ọdún 3 péré ló máa ń wà láàárín ọjọ́ orí àwọn tó wà nínú régbérégbé kan, nítorí náà ojúgbà ló máa bá ojúgbà sọ̀rọ̀, nínú yàrá. Kó dábàá pé kí ẹ jọ yan sọfíò mìíràn tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ jọ san owó rẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, kó wá àwọn òpó ààlà rí, kó sì ta okùn lójú ẹ̀yin méjèèjì. Bí okùn bá já sí ibi tí ẹ sọ, Bàbá á lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé, “Sọfíò tí mo fowó ara mi gbà ló ní kí n sún un.”

Ẹ̀rù lè máa bà wọ́n pé bí àwọn bá rọ̀ díẹ̀, ẹ ó gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ “wídáòtù préjúdíìsì” sórí ìwé tí ẹ bá ń kọ síra yín. Abala 196 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gbà kí a fi irú ìwé ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ má kọ pé wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé, “Àwa méjèèjì gbà pé òpó tí sọfíò fi hàn ni ààlà wa.” Ẹ jẹ́ kí birikìlà tiwọn wó o, kí wọ́n sì kó búlọ́ọ̀kù wọn. Ẹ fún wọn láàyè títí dé ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sínú ìwé náà.

Ẹ óò mọ̀ pé ó ti ń wọ̀ wọ́n lára nígbà tí wọ́n bá ń béèrè pé, “Ta ló máa san owó lébìrà?” Ẹ má ṣe tún ìtàn ẹni tó jẹ̀bi sọ nígbà náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba àdéhùn jẹ́ nìyí: àwọn ọmọ ilé á ya fọ́tò fẹ́ǹsì tó wó, wọ́n á fi sórí Wọ́sáàpù, iṣẹ́ á sì dúró lójú ẹsẹ̀.

Bí Bàbá bá ń kọ́lé sí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, ẹ má dúró de ojúgbà kankan. Ẹ lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ náà kó gba àṣẹ kóòtù láti dá iṣẹ́ dúró.