Lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe tí ìwé ẹ̀rí adójútòfò rẹ̀ ti parí

“Ìwé ẹ̀rí adójútòfò agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé wa ti parí ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà. Kí ni kí n kọ sí i?”

Ẹ tọ́ka sí ìlà àdéhùn tó fún yín láṣẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró títí tí iléeṣẹ́ adójútòfò yín fúnra rẹ̀ yóò fi fi ìwé ẹ̀rí tuntun àti rìsíìtì owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.” Rìsíìtì náà ṣe kókó gan-an, nítorí pé ní Nàìjíríà, ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní ààbò. Ẹ wo ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: bí ìwé tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, kò bo jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 5.